Fóònù kú, ọ̀rọ̀ ò kú: bí a ṣe ń gba nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ Wásáàpù padà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn Iléyá ni àǹtí kan tó ń ta gaàrí l'Ọ́jà Òkè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọ̀rá. Ó ti já sínú korobá omi. Ojú rẹ̀ ṣú dùdù, ṣùgbọ́n tí a bá pè é, ó ń gbọ̀n, ó sì ń dún. Mo rò pé iye tí ojú tuntun jẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí. Rárá o. "Ẹnjiníà, owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ o!" ni wọ́n pariwo.

Àwọn ni akápò regbẹ́rẹgbẹ́ wọn. Gbogbo ẹni tó san owó aṣọ Ojúde Ọba ló fi àwòrán rìsíìtì báǹkì ránṣẹ́ sí wọn ní Wásáàpù, wọn ò sì kọ ẹyọ kan sínú ìwé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó ń wá ra gaàrí láti Èkó àti Ìbàdàn wà níbẹ̀, látorí Alájà Mushin títí dórí Ìyá Bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́.

Iṣẹ́ tí a ṣe lórí fóònù yẹn ni mo máa fi ṣàlàyé níbí, nítorí gbogbo ohun tó lè díni lọ́wọ́ ló dí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Fóònù Android ni mo ń sọ. Ti iPhone ní ọ̀nà tirẹ̀, mi ò ní dà wọ́n pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń gbé

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ilé iṣẹ́ Wásáàpù ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín, tó sì ti wọ fóònù yín, wọ́n ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Èyí tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n ń dì mú, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni wọ́n ń fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra fóònù tuntun, tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, fi máa rí àwọn ẹgbẹ́ tó wà, àmọ́ tí inú wọn máa ṣófo.

Ẹ̀dà méjì ló lè gba èèyàn sílẹ̀. Èkínní wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́, ní aago méjì òru, Wásáàpù máa ń ṣe àdàkọ gbogbo ọ̀rọ̀ yín sínú fódà kan, á sì tọ́jú ti nǹkan bí ọjọ́ méje tó kọjá. Fódà náà nìyí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Databases
```

Èkejì wà lórí kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Gúgù tó jìnnà sí yín. Ìmeèlì Gúgù yín ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀: tí tuntun bá dé, ó ti gorí ti àtijọ́, ti àtijọ́ ti lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ju báyìí lọ. Tí fóònù bá jóná, tàbí tí ọmọ ìta já a gbà l'ójú ọ̀nà Ṣágámù, ẹ̀dà inú fóònù ti bá a lọ, ti ọ̀dọ̀ Gúgù sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá mọ páasíwọ́ọ̀dù ìmeèlì yín, ti ọ̀dọ̀ Gúgù dà bí owó tó wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, nígbà tí ẹ̀dà inú fóònù kò bìkítà fún ìmeèlì kankan. Ohun kan ni wọ́n jọ ń béèrè: nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi ń lo Wásáàpù. Ńṣe ni wọ́n ti ẹ̀dà méjèèjì pa, nọ́ńbà yẹn sì ni Wásáàpù fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Nítorí náà, síìmù ṣáájú ohun gbogbo.

Nọ́ńbà àwọn èèyàn, ìyẹn àwọn orúkọ tí ẹ sèéfù, kò sí nínú ọ̀kankan nínú ẹ̀dà méjì yìí. Ibòmíràn pátápátá ni wọ́n ń gbé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ké nìyẹn: ọ̀rọ̀ á padà wá tán, àmọ́ gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 0803 àti 0705, kò ní sí orúkọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Fóònù tó bá mu omi, ẹ pa á, ẹ yọ síìmù, ẹ má sì fi sórí ṣájà. Iná ló ń pa á ju omi lọ. Ìrẹsì tí ẹ ń rì í sí kò fa omi jáde lábẹ́ àwọn ìdérí irin tó wà lórí pátákó inú rẹ̀. Ẹ fi ìrẹsì yẹn se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ gbé e tọ ẹni tó lè tú u, kó fi ọtí ìfọ fóònù fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ wá wò ó bóyá Wásáàpù yín wà lórí kọ̀ǹpútà kankan. Ọmọ àǹtí yìí tó wà ní yunifásítì l'Àgọ́-Ìwòyè ti so Wásáàpù ìyá rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí, nígbà tó ń bá wọn tẹ orúkọ àwọn tó sanwó. Bí fóònù bá tilẹ̀ kú, kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ọn á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà yẹn ṣí Wásáàpù lórí fóònù tuntun, kọ̀ǹpútà náà á jáde. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà kíákíá: kó ṣí ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó fi rìsíìtì ránṣẹ́, kó wa àwòrán wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má tíì fi síìmù sínú fóònù mìíràn. Ó rí àwọn tó pọ̀ nínú wọn. Kò rí gbogbo wọn, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló máa ń dé orí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ọkàn ìyá rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, a sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ariwo.

Ìbéèrè tí mo bi wọ́n lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìmeèlì. "Àǹtí, ìmeèlì wo lẹ fi ń lo fóònù yìí?" Wọ́n wò mí. "Ẹni tó tà á fún mi ló ṣe é." Èyí ni mo ń rí jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ta fóònù á ṣí ìmeèlì fún oníbàárà kó lè tètè kúrò níwájú òun, á fi páasíwọ́ọ̀dù tó bá wá sí i lórí sí i, ó parí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rántí. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yín ni wọ́n fi sí ìmeèlì náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹ lè fi síìmù gbà á padà níbí:

```
accounts.google.com/signin/recovery
```

Tí ẹ ò bá mọ ìmeèlì náà, ẹ tẹ "Forgot email?", ẹ fi nọ́ńbà síbẹ̀, wọ́n á bi yín ní orúkọ tí wọ́n fi ṣí i, wọ́n á sì fi kóòdù ránṣẹ́. Ohun kan tó máa ń yọni lẹ́nu ni pé Gúgù lè ní kí ẹ tẹ "Yes" lórí fóònù àtijọ́ kó tó gbà yín wọlé, fóònù àtijọ́ yẹn náà sì ni ojú rẹ̀ kú. Ẹ tẹ "Try another way", kí ẹ yan kóòdù tó ń bọ̀ lórí síìmù. Tí síìmù bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ẹ gba òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù yín. Ẹ mú nọ́ńbà NIN yín lọ́wọ́.

Bí a ṣe kó ẹ̀dà jáde nínú fóònù tó ń kú lọ

Fóònù àǹtí ṣì ń dún, ìyẹn ni pé pátákó inú rẹ̀ wà láàyè, ojú rẹ̀ ló kú. Mo ní ojú irú fóònù yẹn kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Mo so ó mọ́ ọn láì lẹ̀ ẹ́, ó tàn. Mo gbé e fún wọn kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo fóònù tó jáde pẹ̀lú Android 10 síwájú ni wọ́n ti inú rẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i àti pátákó inú fóònù náà fúnra rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun á yọ ṣíìpù tó ń tọ́jú nǹkan kúrò nínú fóònù tó ti kú pátápátá, kí òun sì ka ọ̀rọ̀ Wásáàpù jáde níbòmíràn, ẹ di owó yín mú. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí pátákó náà jí, kí ojú kan tàn, kí ẹni tó ni fóònù sì ṣí i. Tí ojú bá ń tàn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn, okùn kékeré tí wọ́n ń pè ní OTG àti máòsì kọ̀ǹpútà tó fún un. Ẹ kì í sì í lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ kó nǹkan jáde láì kọ́kọ́ ṣí i, torí títí ẹ ó fi yan "File transfer" lójú rẹ̀, bátìrì nìkan ni kọ̀ǹpútà á máa ṣájì.

Ojú tàn. A lọ sí Settings nínú Wásáàpù, lẹ́yìn náà Chats, lẹ́yìn náà Chat backup. Ojú ewé yẹn ló ń sọ òtítọ́ nípa ẹ̀dà méjèèjì: ọjọ́ tí a ṣe ti inú fóònù kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí a ṣe ti ọ̀dọ̀ Gúgù kẹ́yìn. Ti inú fóònù jẹ́ aago méjì òru ọjọ́ náà gan-an. Ti ọ̀dọ̀ Gúgù ti lé ní oṣù kan, kí owó aṣọ tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Kí ló fà á? Ohun méjì. Àkọ́kọ́, Wáì-Fáì nìkan ni wọ́n yàn kó máa gbà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí Wáì-Fáì ní ṣọ́ọ̀bù gaàrí. Oṣù tó kọjá tó lọ, ọmọ wọn ló tan hótísípọ́ọ̀tù fún wọn. Èkejì ló le jù: àyè ti tán. Jígábáìtì 15 ni Gúgù ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán, ìmeèlì àti gbogbo nǹkan ló sì jọ ń pín in. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í ka ti Wásáàpù mọ́ ọn lórí Android. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń kà á. Fídíò Ojúde Ọba ọdún mẹ́ta, ẹṣin àti ìbọn àti aṣọ gbogbo regbẹ́rẹgbẹ́, ló jókòó sórí jígábáìtì yẹn. Mo tẹ "Back up" pẹ̀lú hótísípọ́ọ̀tù tèmi, ó kọ̀, ó ní àyè kò sí.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe tẹ ẹ́ yẹn, kó tó dé ọ̀dọ̀ Gúgù rárá, ó ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà tuntun sínú fóònù. Ọjọ́ àti àsìkò ẹ̀dà inú fóònù yí padà lójú wa. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ìwọ̀n àkókò tí a ní pẹ̀lú ojú tí a yá kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ jókòó pa fídíò rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo yan "File transfer", mo sì da fódà WhatsApp náà kọ lódindi. Ẹ má kó Databases nìkan. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Àwòrán, fídíò àti ohùn wà nínú fódà Media tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kó Databases nìkan á rí "Mo ti sanwó o, ẹ wo rìsíìtì", kò sì ní rí rìsíìtì.

Kí a tó tú ojú yẹn, a ṣe ti àwọn nọ́ńbà. Mo ṣí Contacts, mo wo ibi tí wọ́n sèéfù sí. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fura, èyí tó pọ̀ jù wà lórí "Device", ìyẹn inú fóònù nìkan; díẹ̀ wà lórí síìmù; ti Gúgù kò tó nǹkan. Èyí tó wà lórí Device kì í lọ sọ́dọ̀ Gúgù fúnra rẹ̀ àfi tí a bá ní kó lọ. Mo tẹ "Fix & manage", mo tẹ "Export to file", gbogbo rẹ̀ sì di fáìlì kan ṣoṣo, contacts.vcf. Ó kéré gan-an, kò tó àwòrán kan. Mo da ìyẹn náà kọ sórí kọ̀ǹpútà. Lórí àwọn fóònù kan, orúkọ tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ẹ ṣáà wá "Export".

Àwọn kan máa ń ní àwọn á kó gbogbo rẹ̀ sórí síìmù. Síìmù kì í sábà gbà ju nǹkan bí 250 lọ, orúkọ gígùn sì máa ń gé. "Alájà Mushin oní-fáàrí" á di "Alájà Mush". Ẹ fi síìmù sílẹ̀ fún ìpè.

Fífi í sínú fóònù tuntun

Ibí ni ọwọ́ yíyá ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ lọ jẹ́jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi síìmù sínú fóònù tuntun, kí ẹ pè é, kí ẹ rí i pé ó ń gba ìpè àti ọ̀rọ̀. Ẹ fi ìmeèlì Gúgù sí i. Ẹ gba Wásáàpù sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i.

Tó bá jẹ́ ẹ̀dà ọ̀dọ̀ Gúgù lẹ fẹ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìmeèlì tó wà lórí fóònù tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí Wásáàpù ń lò lórí ti àtijọ́. Tí ẹ bá ní ìmeèlì méjì tí ẹ ò sì mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi méjèèjì sí i. Ẹ ṣí Wásáàpù, ẹ tẹ nọ́ńbà yín, ẹ fi kóòdù sí i, ó máa wá ẹ̀dà fúnra rẹ̀, á sì fi ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ hàn yín. Ẹ ka ọjọ́ náà. Tó bá tọ̀nà, ẹ tẹ "Restore". Ẹ rí i pé dátà tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó má lọ dá dúró lágbedeméjì.

Àwa kò fẹ́ ti Gúgù, torí oṣù kan ló ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀dà inú fóònù tí a dà kọ ni a fẹ́. Tí ìmeèlì bá wà lórí fóònù, Wásáàpù lè lọ gbé ti Gúgù wá síwájú wa. Lẹ́yìn tí a ti gba Wásáàpù sórí fóònù láì ṣí i, mo lọ sí Settings fóònù, mo yọ ìmeèlì náà kúrò fúngbà díẹ̀, kó má rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Gúgù. Mo so fóònù tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà, mo wọ fódà Android, lẹ́yìn náà media. Fódà com.whatsapp kò tíì sí níbẹ̀, torí a ò tíì ṣí Wásáàpù. Mo fọwọ́ ara mi dá a sílẹ̀, mo sì kó fódà WhatsApp tí a gbé wá sínú rẹ̀. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ pé bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, lẹ́tà ńlá ní ibi lẹ́tà ńlá.

Nínú Databases, fáìlì tí Wásáàpù ń wá ni èyí tí kò ní ọjọ́ lára. Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ kan sẹ́yìn lẹ fẹ́ lò, ẹ gbé èyí tí kò ní ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ yọ ọjọ́ àti ".1" kúrò lára ti àtijọ́. Fún àpẹẹrẹ:

```
msgstore-2025-06-09.1.db.crypt14
msgstore.db.crypt14
```

Ti òkè ni a sọ di ti ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ìparí, ì báà jẹ́ 14 tàbí 15, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí wúlò tí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan bá ti ọwọ́ yín parẹ́ lánàá, àmọ́ tó ṣì wà níjẹta.

Ìgbà yìí ni mo ṣí Wásáàpù. Àǹtí tẹ nọ́ńbà wọn, kóòdù wọlé sórí síìmù, Wásáàpù ní kí a gbà á láyè láti wo fáìlì, a gbà. Ó wá sọ pé òun rí ẹ̀dà kan, ọjọ́ òní, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Restore. Ọ̀rọ̀ ń wọlé bí èrò ọjà Òkè-Àjẹ. Àǹtí ṣí ti ẹni àkọ́kọ́, àwòrán rìsíìtì wà níbẹ̀.

Tó bá béèrè PIN onídíjíìtì mẹ́fà, ìyẹn èyí tí ẹ fúnra yín fi sí Wásáàpù ni, kì í ṣe kóòdù síìmù. Tí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀, tí ẹ ò sì fi ìmeèlì tì í lẹ́yìn, ọjọ́ méje lẹ máa fi dúró. Tó bá sì béèrè páasíwọ́ọ̀dù ẹ̀dà tàbí kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 64, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tan títì-pa ẹ̀dà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Kò sẹ́ni tó lè ṣí ìyẹn láìní páasíwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ náà, Wásáàpù àti Gúgù fúnra wọn kò lè ṣe é.

Tí ó bá ní òun kò rí ẹ̀dà kankan, tàbí tí ọjọ́ tó fi hàn kì í ṣe èyí tí ẹ ń retí, ẹ má tẹ "Skip". Ẹ jáde. Ẹ yẹ orúkọ fódà wò, ẹ yẹ ìmeèlì wò, kí ẹ yọ Wásáàpù, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí rèé: tí ẹ bá tẹ Skip, Wásáàpù á ṣí ní òfìfo, tó bá sì di òru, á ṣe ẹ̀dà òfìfo náà. Ẹ rántí pé ẹyọ kan ni Gúgù ń tọ́jú. Òfìfo ti gorí ọ̀rọ̀ ọdún mélòó kan nìyẹn. Arákùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Tí ẹ bá ti ṣèèṣì tẹ ẹ́, ẹ lọ sí Chat backup lójú ẹsẹ̀, kí ẹ yí ti Gúgù sí "Off" kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́yìn náà ẹ yọ Wásáàpù kí ẹ sì tún un gbà.

Ọ̀rọ̀ yíyọ Wásáàpù yìí náà ní ewu tirẹ̀: lórí fóònù òde òní, tí ẹ bá yọ ọ́, fódà com.whatsapp lè bá a lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fúláàṣì kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wọlé tán, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, kò sí orúkọ. Àǹtí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Mo dá ìmeèlì padà sórí fóònù, mo ṣí contacts.vcf, mo sì yan ìmeèlì náà nígbà tí ó béèrè ibi tí ó máa kó wọn sí, kì í ṣe Device. Ìṣẹ́jú méjì, Alájà Mushin ti padà ní orúkọ rẹ̀. Tí orúkọ kan bá wà ní ẹ̀ẹ̀mejì, "Merge & fix" nínú Contacts á so wọ́n pọ̀.

Ohun tí a yí padà kí wọ́n tó lọ

A kó fídíò Ojúde Ọba sórí fúláàṣì, a pa wọ́n rẹ́ nínú àwòrán Gúgù, a sì sọ ibi tí wọ́n ń jù ú sí dòfìfo, torí tó bá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń gba àyè. Ní Chat backup, mo yan "Weekly", mo pa "Include videos", mo sì yan kó máa lo dátà síìmù pẹ̀lú. Láìsí fídíò, ìyàtọ̀ tó ń gbé lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò jẹ dátà jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó ná dátà láìsọ fún òun lè fi sílẹ̀ sórí Wáì-Fáì, kó máa tan hótísípọ́ọ̀tù fóònù ẹlòmíràn lọ́jọ́ Àìkú. Wáì-Fáì ni fóònù ka ìyẹn sí.

Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń pa fóònù wọn lálẹ́ nítorí iná. Mo sọ fún wọn pé fóònù tó bá wà ní pípa ní aago méjì òru kò ní ṣe ẹ̀dà kankan lásìkò yẹn. Wọ́n ní àwọn ò lè fi bátìrì ṣòfò. Kò burú, kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn tẹ "Back up" kí wọ́n tó pa á, ó kéré tán ní alẹ́ ọjọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá wọlé.

Ní Contacts, mo fi ìmeèlì ṣe ibi tí orúkọ tuntun á máa lọ. Mo wá ní kí wọ́n sèéfù nọ́ńbà mi fúnra wọn. Mo ṣí contacts.google.com lórí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n wọlé pẹ̀lú páasíwọ́ọ̀dù tuntun, "Ẹnjiníà Fóònù" sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè rí orúkọ tí wọ́n bá ṣèèṣì pa rẹ́, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo jáde kúrò nínú ìmeèlì wọn lójú wọn.

Wọ́n kọ ìmeèlì náà sí ẹ̀yìn ìwé àjọ wọn. Páasíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Wọ́n ní ilé ni àwọn á kọ ìyẹn sí, ibi tí àwọn ń kó góòlù sí. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó yíjú padà: "Ẹnjiníà, fóònù àtijọ́ yẹn, ẹ bá mi dì í mú. Tí ẹ bá rí ojú tó wọ́n díẹ̀, ọmọ mi á lò ó." Mo ní kò ní wọ́n jù, àmọ́ kí ọmọ náà má tíì pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ títí di Ọjọ́ Àìkú, tí Chat backup tuntun bá ti kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀.